Ṣadé àti Wálé: Bí A Ṣe Ń To Àtẹ Ìwé Kíkà fún JAMB Tí Ọjọ́ Ẹni Ò Bá Jọ Ti Ọ̀rẹ́ Ẹni

Wálé ló kọ́kọ́ ya àtẹ àkókò náà. Ó fi rúlà fà á sórí pépà funfun, ó fi báírò pupa kọ Ìṣirò, ó fi búlúù kọ Gẹ̀ẹ́sì. Aago 4 sí 6 ìrọ̀lẹ́ àti aago 8 sí 10 alẹ́ ni, lójoojúmọ́, Sọ́ńdè pàápàá ò yọ sílẹ̀. Ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri yàrá rẹ̀ ní Àgríìkì. Ṣadé, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ilé ẹ̀kọ́ girama, rí i, ó sì wù ú. Ó ya fọ́tò rẹ̀, ó gbé e délé ní Ìgbógbó, ó dà á kọ bó ṣe rí gẹ́lẹ́. Orúkọ iṣẹ́ nìkan ló yí padà, torí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì lòun fẹ́ lọ kọ́, Wálé sì fẹ́ lọ kọ́ akáúntì.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n pàdé ní Gárééjì Ìkòròdù, kálukú mú àtẹ tirẹ̀ dání. Gbogbo àyè tó wà nínú ti Wálé ló ti fi báírò fa àmì sí. Àyè òfìfo ló kún inú ti Ṣadé. Ibi tó wà fún aago 4 ìrọ̀lẹ́ ò ní àmì ẹyọ kan.

"Ìwọ gbìyànjú o," Ṣadé sọ. "Èmi ò lè ṣe é. Bóyá mo kàn ya ọ̀lẹ ni."

"Dákẹ́ jàre, wo nǹkan tójú mi rí," Wálé dáhùn. Ó ṣí ìwé ìbéèrè àtẹ̀yìnwá tó wà nínú báàgì rẹ̀. Kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé àtẹ náà, ó ṣe ìbéèrè Ìṣirò 40, ó gba 12. Lánàá, ó tún ṣe 40 mìíràn. 12 náà ló gbà.

Ṣadé wò ó títí. "O kàwé lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, o ò sì kúrò lójú kan?"

"Ojú kan náà ni."

Iṣẹ́ lẹ́sìnnì ni mò ń ṣe, irú àwọn méjèèjì yìí ò sì ṣàjèjì sí mi. Ọ̀kan ò ní wákàtí, ìkejì ní wákàtí ṣùgbọ́n wákàtí náà ò mú nǹkan wá. Ẹ bá mi tẹ̀ lé wọn bí wọ́n ṣe tú àtẹ yẹn palẹ̀ tí kálukú sì to tirẹ̀, torí bí wọ́n ṣe ṣe é ni ẹni tó ń múra ìdánwò lè gbà ṣe tirẹ̀.

Ohun tí ìdánwò náà ń béèrè

Iṣẹ́ 4 ni èèyàn ń ṣe nínú UTME tí JAMB ń ṣe. Gẹ̀ẹ́sì ní ìbéèrè 60, iṣẹ́ mẹ́ta yòókù ní 40 lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 180. Wákàtí 2 ni wọ́n fún èèyàn. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan gba máàkì 100, ìyẹn ni pé 400 ni gbogbo rẹ̀. Tí a bá pín wákàtí 2 sí ìbéèrè 180, ìṣẹ́jú àáyá 40 ló kan ìbéèrè kọ̀ọ̀kan.

Nǹkan kan wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ọmọ kì í fi ọkàn sí. Máàkì 100 kan náà ni ìbéèrè Gẹ̀ẹ́sì 60 ń pín, nítorí náà ìbéèrè Gẹ̀ẹ́sì kan ò tó máàkì 2, nígbà tí ìbéèrè Kẹ́mísìrì kan jẹ́ máàkì 2 àti ààbọ̀. Nǹkan kejì ni pé wákàtí 2 náà ò ní ààlà láàárín iṣẹ́ kan sí òmíràn. Ẹni tó bá tètè parí èyí tó mọ̀ lè gbé ìṣẹ́jú tó ṣẹ́ kù fún èyí tó le. Nǹkan méjèèjì yìí máa wúlò níwájú.

Iṣẹ́ Ṣadé ni Gẹ̀ẹ́sì, Báyọ́lọ́jì, Kẹ́mísìrì àti Físíìsì. Ti Wálé ni Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò, Ẹkọnọ́míìsì àti Gọ́mẹ́ǹtì. Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló pa wọ́n pọ̀. Èyí nìkan ti tó láti sọ pé àtẹ kan ò lè bá àwọn méjèèjì mu, ṣùgbọ́n kì í ṣe ibẹ̀ ni ọ̀ràn náà ti burú jù.

Ìgbésẹ̀ 1: Kọ ọjọ́ rẹ sílẹ̀ bó ṣe lọ

Àtẹ tí wọ́n kọ́kọ́ yà, ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ní ló wà níbẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n ní gan-an ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ mọ̀. Mú ìwé kékeré kan, fi ọ̀sẹ̀ kan kọ ohun tí o ṣe ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ìgbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀ ni kí o kọ ọ́, má dúró dìgbà tí alẹ́ bá lẹ́, torí alẹ́ a máa gbàgbé nǹkan, a sì máa purọ́ fún ẹni tó ni ín. Má yí ìgbésí ayé rẹ padà lọ́sẹ̀ yẹn láti lè dára lójú ìwé.

Ìwé Ṣadé fi hàn pé aago 5 ló ń jí. Ó ń pọn omi, ó ń gbálẹ̀, ó ń bá màmá rẹ̀ di ẹrù òkìríkà, aago 7 sì ni wọ́n ń wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí ìsọ̀ wọn ní Ṣàbó. Aago 7 alẹ́ ni wọ́n ń palẹ̀ mọ́. Ó ń délé ní nǹkan bí aago 8, ó ń dáná, ó ń jẹun, tó bá fi máa jókòó ti ìwé, oorun ti gbé e lọ. Àtẹ tó dà kọ lára Wálé ní kó kàwé láago 4 ìrọ̀lẹ́, àsìkò tí àwọn tó ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ ń dúró yẹ aṣọ wò. Ọ̀lẹ kọ́ ló ń ṣe é. Wákàtí tí kì í ṣe tirẹ̀ ni wọ́n kọ fún un.

Ṣùgbọ́n ìwé náà tún fi nǹkan mìíràn hàn. Láàárín aago 1 sí 3 ọ̀sán, oòrùn ń mú, ọjà ń dá, òun àti màmá rẹ̀ kàn ń jókòó ni. Nígbà tó sì wo ìdájí dáadáa, ó rí i pé àbúrò rẹ̀ lè bá a pọn omi, kí òun fi ìṣẹ́jú 45 kàwé láti aago 5 kọjá ìṣẹ́jú 15. Sọ́ńdè, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, wákàtí 2 àti ààbọ̀ wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò bá a dù.

Ó ro ó pọ̀: ìdájí ọjọ́ 6, ìṣẹ́jú 45 lọ́kọ̀ọ̀kan, jẹ́ wákàtí 4 àti ààbọ̀. Ọ̀sán, wákàtí kan lójúmọ́ láti Mọ́ńdè dé Fúráìdé, jẹ́ 5. Sọ́ńdè jẹ́ 2 àti ààbọ̀. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 12. Àtẹ tó dà kọ ń béèrè 28 lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú 12 yìí náà, mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n yọ bí ìdá kan nínú márùn-ún tàbí mẹ́fà sẹ́yìn fún àìsàn, òkú ọ̀nà jíjìn, àlejò àti ìjà ilé. Ṣadé yọ ìdájí Sátidé àti ọ̀sán Fúráìdé kúrò pátápátá. Ó ku bíi wákàtí 10, òun sì ló máa ṣètò lé lórí.

Ti Wálé yàtọ̀. Lẹ́sìnnì rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ láago 9, ó ń parí láago 12, lẹ́yìn ìyẹn òun ló ni ara rẹ̀ títí alẹ́. Nígbà tó kọ ọjọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ohun tó rí láàárín aago 4 sí 6 dójú tì í díẹ̀. Ó ṣí ìwé láago 4. Láago 4 kọjá ìṣẹ́jú 10, fóònù dún. Ó padà sórí ìwé nígbà tó ku ìṣẹ́jú 15 kí aago 5 lù. Ó ka ojú ewé mẹ́ta nínú Gọ́mẹ́ǹtì, torí Gọ́mẹ́ǹtì dùn ún kà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ìṣirò ló wà nínú àtẹ. Nígbà tí aago 6 lù, ó fa àmì. Àmì náà ń sọ pé ó jókòó, kò sì sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Alẹ́ tó kọ sínú àtẹ náà ò ṣeé fọkàn tẹ̀. Ìkòròdù níbí ni ilé iṣẹ́ mànàmáná Egbin wà, tí agbára tí wọ́n kọ́ ọ láti pèsè tó mẹ́gáwáàtì 1,320, síbẹ̀ kò sí ọmọ Àgríìkì tó lè bá ẹ dá májẹ̀mú pé iná máa wà láago 8 alẹ́. Ohun tí o bá fi sí alẹ́, jẹ́ kó jẹ́ nǹkan tí iná tọ́ọ̀ṣì lè ràn lọ́wọ́.

Ìgbésẹ̀ 2: Wá ibi tó ń jò

Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ iye wákàtí yín, ẹ má tíì pín in. Ẹ kọ́kọ́ ṣe ìbéèrè ọdún kan nínú iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, iṣẹ́ kan lóòjọ́, láìṣí ìwé, pẹ̀lú aago. Tó bá jẹ́ ìbéèrè 40, ìṣẹ́jú 27 ni. Tó bá jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì 60, ìṣẹ́jú 40 ni. Tí àsìkò bá pé, fa ìlà sábẹ́ ibi tí o dé. Má ṣe fi kún un.

Ṣadé gba 38 nínú 60 ní Gẹ̀ẹ́sì, 29 nínú 40 ní Báyọ́lọ́jì, 17 ní Físíìsì àti 15 ní Kẹ́mísìrì. Wálé gba 41 nínú 60 ní Gẹ̀ẹ́sì, 33 nínú 40 ní Gọ́mẹ́ǹtì, 24 ní Ẹkọnọ́míìsì àti 12 ní Ìṣirò, 12 tí a ti mọ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń dúró sí nìyí. Wọ́n á ní "Kẹ́mísìrì ò dára, ẹ jẹ́ kí n ka Kẹ́mísìrì sí i." Máàkì nìkan ò tíì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Padà sórí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan tí o ò gbà, kọ lẹ́tà kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. K dúró fún "n ò kọ́ ọ rí". G dúró fún "mo kọ́ ọ, mo gbàgbé". S dúró fún "mo sáré, mo ṣi ìbéèrè kà". A dúró fún "àsìkò ò jẹ́ kí n débẹ̀". Oògùn mẹ́rin ni wọ́n fẹ́, ẹni tó bá fi oògùn kan wo gbogbo wọn, àárẹ̀ lásán ló ń kó bá ara rẹ̀.

Ṣadé kùnà ìbéèrè Kẹ́mísìrì 25. 14 nínú rẹ̀ jẹ́ K. Ìṣirò mólù àti ẹlẹ́kítírólísììsì fẹ́rẹ̀ẹ́ kó gbogbo rẹ̀, torí tíṣà wọn lọ ní tááàmù yẹn, wọn ò sì rí ẹlòmíràn. 6 jẹ́ G, 5 jẹ́ S. Kò sí A kankan. Ó parí kí àsìkò tó pé, torí ohun téèyàn ò mọ̀ kì í pẹ́ láti fò.

Nínú Ìṣirò Wálé, ìlà tó fà wà lábẹ́ ìbéèrè 23. Ó gba 12 nínú 23 yẹn, ó kùnà 11. Ìbéèrè 17 tó ṣẹ́ kù, kò fojú kàn wọ́n rárá. A ló ń pa á. Ó gbà pé òun ò mọ Ìṣirò, nígbà tó jẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ ló lọ́ra.

Ṣadé ló rí ìdí ọwọ́ lílọ́ra náà, bí wọ́n ṣe jọ jókòó síwájú ìsọ̀ màmá rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ìbéèrè náà ni 3^(x+1) = 81, wọ́n ní kí a wá x. Wálé kọ lọ́gì sọ́tùn-ún, ó kọ lọ́gì sósì, ó pín in, ó lo ìṣẹ́jú mẹ́ta.

"Ẹ̀ẹ̀melòó lo máa fi 3 sọ 3 di púpọ̀ kó tó di 81?" Ṣadé bi í.

Wálé ka ìka. "3, 9, 27, 81. Ẹ̀ẹ̀mẹrin."

"Nígbà náà x+1 jẹ́ 4."

"x jẹ́ 3," Wálé sọ, ó sì fọwọ́ bo ojú. Ìṣẹ́jú àáyá 10 nìyẹn gbà. Ọ̀nà tó ń lò bọ́ sí i fún ìdánwò tí wọ́n ti ń fi máàkì fún iṣẹ́ ṣíṣe lójú ìwé. Lórí kọ̀ǹpútà tí A, B, C, D wà níwájú ẹni, èsì nìkan ni wọ́n ń wò.

Ìgbésẹ̀ 3: Fi iṣẹ́ sí àkókò tó bá a mu

Kì í ṣe gbogbo wákàtí ló lè gbé gbogbo iṣẹ́. Ìdájí Ṣadé kúrú, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń dá a láàmú, orí rẹ̀ sì mọ́. Ibẹ̀ ni ohun tí kò kọ́ rí gbọ́dọ̀ lọ: ìdájí 3 fún Kẹ́mísìrì, 2 fún Físíìsì. Kókó kan péré lòwúrọ̀ kan. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ìtumọ̀ mólù nìkan ló kà, ó sì ṣe àpẹẹrẹ mẹ́rin pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀.

Ọ̀sán inú ọjà gùn ju ìdájí lọ, ṣùgbọ́n ó já sí wẹ́wẹ́. Ẹni tó bá wà láàárín ìṣirò gígùn tí oníbàárà bá ní "Ẹlẹ́ṣọ, èló nìyí?", ó di dandan kó tún un bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, kò sí ìṣirò gígùn kankan nínú ọjà. Káàdì ni Ṣadé ń lò níbẹ̀. Ó gé páálí bíṣíkíìtì sí wẹ́wẹ́ tó tó àtẹ́lẹwọ́, ó kọ ìbéèrè sójú kan, ó kọ ìdáhùn sẹ́yìn. Ọ̀kan lára wọn rèé. Níwájú: "NaOH gíráàmù 10, mólù mélòó? Na = 23, O = 16, H = 1." Lẹ́yìn: "23 + 16 + 1 = 40. 10 ÷ 40 = 0.25." Ó gbọ́dọ̀ sọ ìdáhùn náà síta kó tó yí káàdì padà. Ẹni tó bá yí i kó tó dáhùn, kíkà ló ń kà, kò dán ara rẹ̀ wò, kíkà sì ni ohun tí Wálé fi ọ̀sẹ̀ méjì ṣe tí kò ní èrè. Oníbàárà tó bá dé láàárín káàdì méjì ò ba nǹkan kan jẹ́. Ọ̀sán 2 nínú ọ̀sẹ̀ jẹ́ káàdì Kẹ́mísìrì àti Físíìsì tó ti kọ́ ní ìdájí, ọ̀sán kan jẹ́ Báyọ́lọ́jì, ọ̀kan jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Sọ́ńdè ló fi ń ṣe ìbéèrè pẹ̀lú aago. Alẹ́ ò ní nǹkan kan. Ó bẹ̀rù láti fi alẹ́ sílẹ̀ lófo bẹ́ẹ̀, torí gbogbo èèyàn ló ń sọ pé òru ni wọ́n fi ń kàwé. Òru ni ẹni tó sinmi lọ́sàn-án fi ń kàwé.

Àkókò tí obìnrin kì í jáde nítorí orò nílùú, bó bá bọ́ sí àárín ètò, èmi máa ń sọ fún àwọn ọmọbìnrin mi pé kí wọ́n kọ ọ́ sínú àtẹ bí ọjọ́ ìdánwò kékeré. Ọjà ti pa, ilé dákẹ́, ẹnikẹ́ni ò sì ní rán wọn níṣẹ́.

Àtẹ Wálé, wákàtí kọ́ ló yẹ kó wà nínú rẹ̀ rárá. A yọ "aago 4 sí 6: Ìṣirò" kúrò, a kọ "ìbéèrè Ìṣirò 20, ìṣẹ́jú 25, lẹ́yìn náà àtúnṣe". Iṣẹ́ náà parí nígbà tí ìbéèrè 20 bá parí tí ó sì ti rí ọ̀nà tó kúrú jù fún gbogbo èyí tó pẹ́ lórí rẹ̀. Tó bá parí láago 5, ó lè lọ gbá bọ́ọ̀lù. Bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe ń yá, ìṣẹ́jú 25 ń di 22, ó sì ń di 20. Fóònù ń wà lọ́dọ̀ màmá rẹ̀ títí yóò fi parí. Ó kọ́kọ́ ní òun máa pa á lásán ni. Ọjọ́ méjì ni pípa yẹn fi ṣiṣẹ́.

Ìṣirò gba ọjọ́ 5 lọ́sẹ̀. Ẹkọnọ́míìsì gba 3, Gẹ̀ẹ́sì 3, ìwé ìtàn tí JAMB yàn sì wà lára ti Gẹ̀ẹ́sì, torí ìbéèrè 10 ń jáde látinú rẹ̀, ó sì ṣeé kà lábẹ́ tọ́ọ̀ṣì lálẹ́. Gọ́mẹ́ǹtì tó fẹ́ràn gba Sátidé nìkan. Ó jà síyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti gba 33 nínú 40, ìbéèrè 7 péré ló kù fún un láti rí he níbẹ̀. Nínú Ìṣirò, 28 ló ń dúró dè é.

Ìgbésẹ̀ 4: Padà sórí ohun tí o ti kọ́ kí ó tó sá lọ

Ará Jámánì kan, Hermann Ebbinghaus, fi ara rẹ̀ ṣe ìdánwò nípa ìgbàgbé, ó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1885. Ó ń há ọ̀rọ̀ tí kò nítumọ̀ sórí, ó sì ń wò ó bó ṣe ń ṣí kúrò. Ohun tó rí ni pé inú ọjọ́ àkọ́kọ́ ni èyí tó pọ̀ jù ti ń lọ, lẹ́yìn náà ni ìgbàgbé ń fà díẹ̀díẹ̀. Ìyẹn ló fà á tí àtúnkà ọjọ́ kejì fi níye lórí ju àtúnkà oṣù tó ń bọ̀ lọ.

Ṣadé ra àpòòwé 4. Káàdì tó kọ ní Mọ́ńdè wọ inú àpòòwé kìíní, ó ń yẹ̀ ẹ́ wò ní Túsìdé. Tó bá gbà á, ó wọ kejì, ó tún di ọjọ́ 3 sí i, ìyẹn Fúráìdé. Ọ̀sán Fúráìdé jẹ́ èyí tí kò kàwé, nítorí náà ó ń fi Sọ́ńdè rọ́pò rẹ̀, kò sì sí ohun tó ṣe. Tó bá tún gbà á, ó di ọjọ́ 7, lẹ́yìn ìyẹn 14. Káàdì tó bá kùnà níbikíbi ń padà sínú àpòòwé kìíní. Bí àpòòwé kìíní bá ń wú tí ìkẹrin sì tẹ́ pẹlẹbẹ, àmì ni pé káàdì tuntun tó ń kọ ti pọ̀ jù. Kó dúró, kó má kọ tuntun fún bí ọjọ́ mẹ́ta.

Káàdì ò wúlò fún Wálé tó bẹ́ẹ̀, torí kì í ṣe ìgbàgbé ló ń bá jà. Ìwé àṣìṣe lòun ń lò. Ó ń kọ ìbéèrè tó kùnà tàbí tó pẹ́ lórí rẹ̀, kì í kọ ìdáhùn, ó sì ń kọ ọjọ́ tó máa tún un ṣe sẹ́gbẹ̀ẹ́. Tó bá tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì láìpé ìṣẹ́jú kan, ó fàlà lé e.

Ìgbésẹ̀ 5: Àyẹ̀wò ọ̀sẹ̀ méjì-méjì

Àtẹ tó dára náà máa ń bàjẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, ṣe ọdún mìíràn nínú iṣẹ́ tó le jù. Má tún ti àná ṣe, torí ojú ti mọ ibi tí C wà, máàkì á ga, ìmọ̀ ò ní ga.

Bí o bá pàdánù àkókò kan, má ṣe gbé e lọ sí òru. Jẹ́ kó lọ, tàbí kó bọ́ sí àyè tí o fi sílẹ̀ lófo. Àkókò tí o bá pàdánù lọ́sẹ̀ méjì tẹ̀léra ti kú. Yọ ọ́ kúrò, wá òmíràn. Ọ̀sán Wẹ́sìdé Ṣadé kú báyìí nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í já bélì òkìríkà tuntun lọ́jọ́ náà. Ó pín káàdì ọjọ́ náà sí ọ̀sán mẹ́ta tó kù, iṣẹ́ sì ń lọ.

Bí àmì bá pọ̀ tí máàkì ò kúrò lójú kan, bíi ti Wálé, má ṣe fi wákàtí kún un. Wo lẹ́tà K, G, S, A náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Lẹ́yìn oṣù kan, A Wálé ti dínkù, ṣùgbọ́n S rẹ̀ pọ̀ sí i: ó ń sáré jù báyìí. Ó ní láti dá ìṣẹ́jú 2 padà fún àtúnyẹ̀wò.

Ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn

Níbí náà, ọ̀nà wọn tún yà. Nígbà tí wọ́n tẹ ìwé ìdánwò wọn jáde, ibi ìdánwò Ṣadé wà ní Ìkòròdù, aago 6 àbọ̀ òwúrọ̀. Ti Wálé wà ní Ẹ̀pẹ́, ní òwúrọ̀ bákan náà. Ara Ṣadé ti mọ́ ìdájí. Wálé tó ń jí láago 8 bẹ̀rẹ̀ sí í jí láago 5 láti ọjọ́ 10 sí ìdánwò, ó sì ń ṣe ìbéèrè 20 rẹ̀ láago 7 òwúrọ̀ dípò ìrọ̀lẹ́. Ó gba ọ̀nà Ìtóìkín lọ sí Ẹ̀pẹ́ lọ́jọ́ tó ṣáájú, ó sùn sọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀.

Ti kọ̀ǹpútà ni Ṣadé ní láti kọ́. Fóònù nìkan lọwọ́ rẹ̀ mọ̀. Ó lọ sí ilé kọ̀ǹpútà kan ní Ṣàbó lọ́sàn-án ọjọ́ méjì, ó fi bọ́tìnnì 8 kọ́ra: A, B, C, D fún ìdáhùn, N fún ìbéèrè tó kàn, P fún èyí tó kọjá, R láti padà sínú iṣẹ́ tí ọwọ́ bá ṣèèṣì kan S, S láti fi iṣẹ́ sílẹ̀. S nìyẹn tí kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn títí yóò fi tán.

Wọn kì í jẹ́ kéèyàn wọlé pẹ̀lú aago ọwọ́, aago ojú kọ̀ǹpútà ni wọ́n máa wò. Nítorí náà kálukú há ìpín ìṣẹ́jú tirẹ̀ sórí. Ṣadé: Báyọ́lọ́jì 18, Gẹ̀ẹ́sì 30, Kẹ́mísìrì 34, Físíìsì 35. Wálé: Gọ́mẹ́ǹtì 15, Ẹkọnọ́míìsì 22, Gẹ̀ẹ́sì 30, Ìṣirò 50. Ìṣẹ́jú 3 ṣẹ́ kù fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, Wálé ní òun máa lo tòun lórí èyí tóun bá fò, Ṣadé ní òun máa fi tòun wo Gẹ̀ẹ́sì lẹ́ẹ̀kan sí i, torí ibẹ̀ ló ti ń sáré ṣi ìbéèrè kà jù.